Orí Karùn-ún: Ìrù y Nínú Fọ́tò

Láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́ ni fọ́tò máa ń wọlé sórí fóònù mi jù. Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn, ṣùgbọ́n ibùgbé wọn kò pa pọ̀. Àwọn kan ń ti Ìkọ̀tún wá, àwọn kan ń ti Ìdímù wá, àwọn tó sì ń lọ sí yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ọ̀jọ́ sábà máa ń gba yàrá sí Ìgàndò, nítorí pé títì tó lọ sí ilé ìwé wọn gba ibẹ̀ kọjá. Ìwé tí wọ́n ń lò kì í sábà jẹ́ tiwọn. Wọ́n yá a ni, tàbí kí wọ́n ṣe fọtokópì láti ara fọtokópì ẹlòmíràn. Bí ìbéèrè kan bá ti lé wọn dé ògiri, wọ́n á ya ojú-ìwé náà, wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù: “Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ńbà keje.”

Orí yìí wà fún ẹni tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń wọlé tọ̀, ì báà ṣe tíṣà lẹ́sìn, ì báà ṣe ẹ̀gbọ́n tó ti jáde ní pólì, tàbí bọ̀ọ̀dá àdúgbò tí gbogbo ilé mọ̀ pé ó gbọ́ ìṣirò. Irú ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú: dífárẹ́ńṣíà ìkuéṣọ̀n tó ṣeé yà, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní sẹ́párébù. Òun ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Òun náà ni fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀ máa ń sọ di nǹkan mìíràn jù lọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń wá ná. Dífárẹ́ńṣíà ìkuéṣọ̀n jẹ́ ìdọ́gba tó sọ fún wa bí y ṣe ń yára yí padà bí x ṣe ń lọ, tí kò sì sọ ohun tí y fúnra rẹ̀ jẹ́. Ìyára yẹn ni à ń kọ ní dy/dx. Iṣẹ́ wa ni kí á ti ara ìyára mọ y. Bí apá ọ̀tún ìdọ́gba bá jẹ́ nǹkan méjì tí a sọ di púpọ̀, tí ọ̀kan jẹ́ ti x nìkan, tí èkejì sì jẹ́ ti y nìkan, a lè kó ohun gbogbo tó jẹ́ ti y sọ́dọ̀ dy, kí a kó ti x sọ́dọ̀ dx. Ohun tó ń jẹ́ “ó ṣeé yà” nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: ní 1691 ni Leibniz kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí Huygens.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, ọmọkùnrin kan ní Ìgàndò fi ojú-ìwé kan ránṣẹ́. Tọ́ọ̀ṣì fóònù kejì ló tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, ìwé náà sì nípọn, ojú-ìwé náà wá yọ ikùn níbi tí wọ́n ti rán an. Ìbéèrè keje wà ní ibi tó yọ ikùn yẹn gan-an. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni dy/dx, àmì ìdọ́gba, e, x kékeré kan lókè e, àmì ìyọkúrò, àti y. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní y = ln 2 nígbà tí x = 0. Ọmọ náà ti fi pẹ́ńsù gbìyànjú tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé:

dy + y = e^x dx

Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó bi mí pé, “Kí ni màá ṣe sí y yẹn sà? Kò ní dx lẹ́gbẹ̀ẹ́.”

Ìbéèrè tó dáa ni, nítorí pé ìlà tó kọ kì í ṣe ìdọ́gba rárá. Nínú ìyàsọ́tọ̀, gbogbo ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan gbọ́dọ̀ máa gbé dy dání, gbogbo ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ máa gbé dx dání. Bí ẹyọ kan bá dúró láìní èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹnì kan ti fi ìyọkúrò ṣe iṣẹ́ ìpín. Ẹ máa wo irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn nínú iṣẹ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ yẹn, àṣìṣe ọmọ náà kọ́ ló ṣáájú. Ojú-ìwé náà fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan nínú ìdọ́gba méjì:

dy/dx = e^(x − y)

dy/dx = e^x − y

Àmì ^ tí mo lò yìí kì í sí nínú ìwé títẹ̀. Ohun tó bá wà lórí e ni wọ́n máa ń gbé sókè tí wọ́n á sì tẹ̀ ní kékeré. Nínú ti àkọ́kọ́, x àti ìyọkúrò àti y jọ wà lókè. Nínú èkejì, x nìkan ló gùn ún, y wà nílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ṣeé yà, èkejì kò ṣeé yà. Ohun tó wà láàárín wọn kò ju bí y ṣe ga tó, ibẹ̀ sì ni ojú-ìwé ti yọ ikùn.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò nígbà tí mo bá fẹ̀ fọ́tò náà. Èkínní ni ìrù y. Bí y bá wà nílẹ̀, ìrù rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí ìdí e jókòó sí. Bí ó bá wà lókè, ìrù náà máa ń tán kí ó tó dé ìdí e. Èyí dára ju kí a wo orí y lọ, nítorí pé bí fọ́tò bá ṣú, orí lẹ́tà ló sábà máa ń wọnú òjìji. Èkejì ni àmì ìyọkúrò. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, ìlà tó pín dy àti dx, àárín àmì ìdọ́gba, àti ìyọkúrò tó wà nílẹ̀ máa ń wà ní gíga kan náà. Ẹ gbé etí bébà lé ojú fóònù, kí ó tẹ̀lé ìlà dy/dx lọ títí. Bí ó bá gba ìyọkúrò kọjá, ìyọkúrò náà wà nílẹ̀, y tó tẹ̀lé e wà nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìyọkúrò bá wà lókè etí bébà, e ló gbé gbogbo wọn lórí. Ẹ̀kẹta ni bí lẹ́tà ṣe tóbi tó: lẹ́tà tó wà lókè sábà máa ń jẹ́ bí ìdá méje nínú mẹ́wàá lẹ́tà tó wà nílẹ̀. Ẹ fi y náà wé y tó wà nínú dy, ẹ ó rí i.

Lórí ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò ní ìdánilójú. Ọwọ́ ń gùn, ọwọ́ ń sọ̀. Nínú fọtokópì tí wọ́n ṣe láti ara fọtokópì, ìlà kékeré ló máa ń kọ́kọ́ pòórá, ìyọkúrò orí e á wá lọ, yóò ku xy. Nítorí náà, mo máa ń ní kí wọ́n tún un yà: kí wọ́n fi ọwọ́ kejì tẹ ibi tó yọ ikùn mọ́lẹ̀, kí fóònù wà lókè gan-an, kí ìmọ́lẹ̀ má ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá. Kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, nítorí pé Wásáàpù máa ń fún fọ́tò lásán pọ̀, lẹ́tà orí e ni ìfúnpọ̀ náà sì ń kọ́kọ́ jẹ. Kí wọ́n ya àkọlé orí ìwé náà mọ́ ọn, àti ojú-ìwé ìdáhùn tó wà lẹ́yìn bí ó bá wà. Nínú ìwé ìṣirò àwọn ẹnjiníà tí K. A. Stroud kọ, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1970, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹnjiníà níhìn-ín ṣì ń gbé kiri, ọ̀nà ìyàsọ́tọ̀ ní ibi tirẹ̀, ọ̀nà mìíràn ní ibi tirẹ̀. Ibi tí ìbéèrè ti wá nínú ìwé ti jẹ́ ìdáhùn díẹ̀.

Ọmọ náà tún un yà. Ìrù y tán sókè ìdí e, etí bébà sì gba abẹ́ ìyọkúrò kọjá. Ó jẹ́ e^(x − y).

Ká ní kò ṣeé ṣe láti tún un yà ńkọ́, tàbí pé ìdọ́gba hàn kedere ṣùgbọ́n a kò mọ̀ bóyá ó ṣeé yà? Àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ràn, ọjà Ìkọ̀tún ni mo sì ti máa ń ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ìyá kan ń ta gàrí funfun ní náírà 1,000 ní kóńgò, ó ń ta pupa ní 1,200. Ààbọ̀ kóńgò funfun á jẹ́ 500, ààbọ̀ kóńgò pupa á jẹ́ 600. Iye owó náà jẹ́ nǹkan méjì tí a sọ di púpọ̀: irú gàrí, àti bí ó ṣe pọ̀ tó. Ẹ to owó mẹ́rin yìí sí igun mẹ́rin, kí ẹ sì fi igun sọ igun tó kọjú sí i di púpọ̀. 500 lọ́nà 1,200 jẹ́ 600,000. 1,000 lọ́nà 600 náà jẹ́ 600,000. Wọ́n dọ́gba.

Wàyí o, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba 50 náírà fún ọ̀rá, ì báà ṣe kóńgò, ì báà ṣe ààbọ̀. Igun mẹ́rin di 550, 1,050, 650 àti 1,250. 550 lọ́nà 1,250 jẹ́ 687,500, ṣùgbọ́n 1,050 lọ́nà 650 jẹ́ 682,500. Owó ọ̀rá ti ba ìdọ́gba jẹ́. Ìdí ni pé a rò ó mọ́ iye, a kò fi sọ iye di púpọ̀. Ẹni tó bá rí iye mẹ́rin yìí nìkan, láìdé ọjà, lè sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rò mọ́ ọn.

Ohun kan náà là ń ṣe sí apá ọ̀tún ìdọ́gba. Ẹ mú iye méjì fún x, ẹ mú iye méjì fún y, ẹ ṣírò igun mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká lo 0 àti 1 fún méjèèjì. Fún e^(x − y), ní x = 0 àti y = 0, a rí 1. Ní x = 1 àti y = 1, a tún rí 1. Ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 1. Àwọn igun kejì ni e^(−1) àti e^1, ìsọdipúpọ̀ àwọn náà sì jẹ́ 1. Ó dọ́gba. Fún e^x − y, igun (0, 0) jẹ́ 1, igun (1, 1) jẹ́ 2.718 dín 1, ìyẹn 1.718. Ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 1.718. Igun kejì ńkọ́? Ní x = 0 àti y = 1, a rí 1 dín 1, ìyẹn òdo, òdo sì ń sọ ohun gbogbo di òdo. 1.718 kò dọ́gba pẹ̀lú 0. Kò ṣeé yà.

Ohun méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn nípa àyẹ̀wò yìí. Bí kò bá dọ́gba lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ ti parí, kò ṣeé yà. Bí ó bá dọ́gba, kò tíì parí, nítorí pé ó lè bọ́ sí i bẹ́ẹ̀, pàápàá bí òdo bá wà ní igun kan níhà kọ̀ọ̀kan: 0 yóò dọ́gba pẹ̀lú 0, kò sì sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ yí iye padà, kí ẹ sá fún òdo. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá fi ọwọ́ yín tú ìdọ́gba náà sí méjì, nítorí pé títú yẹn gan-an ni ẹ̀rí.

Fún ti ọmọ Ìgàndò, títú rẹ̀ rọrùn. Òfin orí e ni pé ìyọkúrò lókè jẹ́ ìpín nílẹ̀:

e^(x − y) = e^x × e^(−y)

Ọ̀kan jẹ́ ti x, ọ̀kan jẹ́ ti y. A fi e^y sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di púpọ̀, kí e^(−y) lè kúrò lápá ọ̀tún:

e^y dy = e^x dx

Ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń sáré kọjá níhìn-ín. Ọmọ tó ń ronú á bèèrè pé, ṣé dy/dx kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ni? Báwo la ṣe wá yọ dx lábẹ́ rẹ̀ gbé lọ sí òdìkejì bí ẹni gbé àga? Ẹ má dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ fi dy/dx sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ kọ ọ́ báyìí:

e^y × dy/dx = e^x

Ẹ wá bi í pé, bí a bá dífárẹ́ńṣíéètì e^y nígbà tí y fúnra rẹ̀ ń tẹ̀lé x, kí la máa rí? Ọmọ tó mọ ṣéènì rúùlù á sọ pé e^y lọ́nà dy/dx. Ohun tó wà lápá òsì nìyẹn gẹ́lẹ́. Ìdọ́gba náà ń sọ pé ìyára e^y dọ́gba pẹ̀lú e^x, e^x sì ni ìyára e^x fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá ń sáré kan náà láti Ìyánà Ìpájà títí dé Ìkọ̀tún, bí ọ̀kan bá fi ogún mítà ṣáájú níbẹ̀rẹ̀, ogún mítà náà ni yóò fi ṣáájú títí dé òpin. Ohun méjì tí ìyára wọn dọ́gba kò lè fi ju iye kan tí kì í yí lọ yàtọ̀ síra. Iye yẹn ni C:

e^y = e^x + C

Kíkọ dy sósì àti dx sọ́tùn-ún jẹ́ ọ̀nà àbùjá tí a fi ń kọ ohun tí ṣéènì rúùlù ti ṣe. Ọmọ tó bá ti gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan lè máa lo àbùjá náà lọ.

Ó kù kí a wá C. Wọ́n ní y = ln 2 nígbà tí x = 0. e^(ln 2) jẹ́ 2, e^0 jẹ́ 1. Nítorí náà 2 = 1 + C, C jẹ́ 1. A wá gba ln ẹ̀gbẹ́ méjèèjì:

y = ln(e^x + 1)

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ á dé e^y = e^x, wọ́n á gbàgbé C, wọ́n á gba ln, wọ́n á rí y = x, wọ́n á wá rántí C lójijì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí: y = x + C. Pẹ̀lú ìfúnni wọn, ó di y = x + ln 2, ó sì dára lójú, kódà ó bá x = 0 mu. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e padà sínú ìdọ́gba. Ìyára x + ln 2 jẹ́ 1 níbi gbogbo. Apá ọ̀tún jẹ́ e^(x − x − ln 2), ìyẹn ààbọ̀. Ọ̀kan kì í ṣe ààbọ̀. C gbọ́dọ̀ wọlé ní kété tí a bá íńtígíréètì, kí ohunkóhun tí a bá ṣe sí ẹ̀gbẹ́ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn lè kan C pẹ̀lú.

Bí a ṣe yẹ èyí tí kò dáa wò la ó ṣe yẹ èyí tó dáa wò. Ìyára ln(e^x + 1) jẹ́ e^x tí a fi e^x + 1 pín. Apá ọ̀tún, e^(x − y), jẹ́ e^x tí a fi e^y pín, e^y sì ni e^x + 1. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí ọmọ kò bá fẹ́ lẹ́tà, ẹ fún un ní nọ́ńbà: ní x = 1, y jẹ́ ln 3.718, ìyẹn bíi 1.313. Ìyára jẹ́ 2.718 tí a fi 3.718 pín, ìyẹn 0.731. e^(1 − 1.313) náà jẹ́ 0.731.

Nọ́ńbà yìí tún wúlò fún fọ́tò. Ká ní ojú-ìwé ìdáhùn hàn kedere, tó sì sọ pé y = ln(e^x + 1), àmọ́ tí ìbéèrè fúnra rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ lè ti ìdáhùn padà sẹ́yìn. Bí ìbéèrè bá jẹ́ e^x − y ni, ní x = 1, apá ọ̀tún á jẹ́ 2.718 dín 1.313, ìyẹn 1.405. Ìyára ìdáhùn náà jẹ́ 0.731. Ìdáhùn yẹn kò lè jẹ́ ti ìbéèrè yẹn láéláé. Nígbà tí ìrù y kò bá ṣeé rí, ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé lè ṣojú rẹ̀, àyàfi bí ìdáhùn náà bá jẹ́ àṣìtẹ̀, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí àwọn ọmọ ṣe rò lọ.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un fún ọmọ tó bá yára. C kò ní jẹ́ 1 nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá ní y = −1 nígbà tí x = 0, e^(−1) jẹ́ 0.368, C á wá jẹ́ −0.632. Ìdáhùn á di y = ln(e^x − 0.632). ln kì í gba òdo, kì í sì í gba ohun tó dín sí òdo, nítorí náà e^x gbọ́dọ̀ ju 0.632 lọ, ìyẹn ni pé x gbọ́dọ̀ ju bíi −0.459 lọ. Ìdáhùn náà kò dé gbogbo ilẹ̀ x. Bí ó ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀ láti ọ̀tún ni y ń já bọ́ láìní ìsàlẹ̀. Nínú ti ọmọ Ìgàndò, C jẹ́ 1, e^x + 1 kì í sì í di òdo, gbogbo x ló wà ní ààyè.

Bí fọ́tò bá sì fi hàn lóòótọ́ pé e^x − y ni ńkọ́? Ẹ má fi tipátipá yà á. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé kò sí nínú orí yìí, ọ̀nà mìíràn ló ní: a ó gbé y wá sí apá òsì, a ó fi e^x sọ ohun gbogbo di púpọ̀, y á sì jáde ní e^x/2 + Ce^(−x). Àwọn kan wà tí ọ̀nà kankan nínú ìwé ọmọ ilé ìwé kò ní ká. Chike Obi, tó gba oyè dókítà nínú ìṣirò ní Cambridge ní 1950, fi ọ̀pọ̀ ọdún lé irú àwọn tí kò ṣeé yà, tí kò sì ṣeé tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ìtìjú nínú kí tíṣà lẹ́sìn wí pé “èyí kì í ṣe sẹ́párébù.”

Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, fọ́tò kejì wọlé láti Ìgàndò. Iná ti dé, lẹ́tà mọ́ dáadáa. Ìbéèrè kẹjọ ni:

dy/dx = xy + x, y = −1 nígbà tí x = 0

Àmì ìròpọ̀ tó wà níbẹ̀ kò yẹ kó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ jọ owó ọ̀rá. Ẹ fi 1 àti 2 ṣe igun mẹ́rin: igun (1, 1) jẹ́ 2, igun (2, 2) jẹ́ 6, ìsọdipúpọ̀ jẹ́ 12. Igun kejì jẹ́ 3 àti 4, ìsọdipúpọ̀ jẹ́ 12. Ọmọ náà ti rí i fúnra rẹ̀ pé x wà nínú méjèèjì, ó sì ti fà á jáde: x(y + 1). Bí ó bá jẹ́ x + y ni, igun mẹ́rin náà á mú 8 àti 9 wá.

Ó yà á dáadáa. Ó fi y + 1 pín, ó íńtígíréètì, ó kọ ọ́ sílẹ̀:

ln|y + 1| = x²/2 + C

Ó fi y = −1 sí i láti wá C. Àwòrán ojú kalikulétọ̀ rẹ̀ ló tẹ̀lé ìyẹn, a sì kọ Math ERROR sí i gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ pé, “Sà, mo rò pé ìwé yìí ṣì í tẹ̀.”

Ìwé kò ṣì í tẹ̀. Kalikulétọ̀ ń sọ fún un pé ó fi òdo pín nígbà kan tí kò kíyè sí. Nígbà tó fi y + 1 pín, ó ti fọwọ́ sí i pé y + 1 kì í ṣe òdo, ìfúnni sì ni pé ó jẹ́ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìbéèrè keje, a kò bá ìjàǹbá yìí pàdé, nítorí pé e^(−y) kì í di òdo láéláé. Nínú ti ìkẹjọ, kí ẹnikẹ́ni tó pín, ó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè pé: y wo ló ń sọ ohun tí mo fẹ́ fi pín di òdo? Èyíkéyìí tó bá rí, ìdáhùn ni òun náà, torí pé y tí kò kúrò lójú kan ní ìyára òdo, apá ọ̀tún náà sì jẹ́ òdo.

Mo fi ohùn ṣàlàyé èyí ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: “Ṣé y = −1 nìkan ni ìdáhùn, sà? Láìsí e kankan?”

Mo ní kó gbé e padà sínú ìdọ́gba.